Bí dìsáínà ṣe ń kọ ìwé owó: wákàtí, owó àtúnṣe, àti owó tó ti wọlé tẹ́lẹ̀

Nígbà kan, mo kọ ìwé owó ránṣẹ́ sí oníbàárà kan tí mo ṣe káàdì àti pátákó ìpolówó fún. Wọ́n ti san ₦40,000 kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ hàn, ni mo bá kọ ọ́ sókè pé, "Ẹ ṣé fún àbọ̀ owó tí ẹ ti san." Nísàlẹ̀, mo kọ ọ́ pé ó ku ₦75,000. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. "Bí ogójì bá jẹ́ àbọ̀," wọ́n ní, "kí ló dé tí àbọ̀ kejì fi di márùndínlọ́gọ́rin?"

Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ náà gbà kí owó tó wọlé, ẹni náà kò sì gbé iṣẹ́ wá sọ́dọ̀ mi mọ́. N kò lè bá wọn wí. Lẹ́nu wa, "àbọ̀ owó" lè jẹ́ owó èyíkéyìí tí a kọ́kọ́ san, ó sì lè jẹ́ ìdajì gan-an. Ẹni tó ń ka ìwé owó kò ní mú ìtumọ̀ àkọ́kọ́. Ìdajì gan-an ló máa mú, nítorí ìyẹn ló ṣe é láǹfààní.

Láti ìgbà náà ni mo ti yí ọ̀nà tí mo ń gbà kọ ìwé owó padà. Ìlànà kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: kò gbọdọ̀ sí iye kankan nínú ìwé owó tó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni oníbàárà ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Bí ó bá ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ńṣe ni yóò kàn wò ó, tí yóò sì sanwó. Bí kò bá tíì gbọ́ ọ, ìjà ni yóò dá sílẹ̀, àní bó bá jẹ́ ₦2,000 péré.

Iṣẹ́ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ

Ká ní màmá kan wà ní Ìjẹ̀bú Òde tó ń di gàrí sínú ọ̀rá láti tà. Wọ́n fẹ́ lógò, wọ́n sì fẹ́ lébẹ́ẹ̀lì fún ọ̀rá kílò kan àti ọ̀rá kílò méjì. Ìwọ dìsáínà bá wọn ṣe àdéhùn lórí Wọ́sáàpù, ní ọ̀rọ̀ kíkọ, pé ₦6,000 ni wákàtí kan. Ẹ jọ sọ ọ́ pé ìgbà méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ní kí o tún nǹkan ṣe kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀. Láti ìgbà kẹta lọ, ìgbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦12,000. Wọ́n sì máa san ₦60,000 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, fáìlì tó wà fún atẹ̀wé á sì wà lọ́wọ́ rẹ títí gbogbo owó yóò fi wọlé.

Kíyè sí ohun kan nínú àdéhùn yìí. "Kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀" túmọ̀ sí pé kò sí owó àtúnṣe lórí rẹ̀, wákàtí tó bá sì gbà kò ní wọ inú wákàtí tí wọ́n ń sanwó fún. Àwọn dìsáínà kan máa ń sọ pé àtúnṣe méjì jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n á sì tún ka wákàtí rẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kò sí àfikún owó. Oníbàárà ò gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ló gbọ́. Bó o bá fẹ́ ka wákàtí àtúnṣe, ó tọ́, ṣùgbọ́n má ṣe lo ọ̀rọ̀ náà "ọ̀fẹ́". Ní tèmi, ìgbà tí mo bá ń dá iye tí mo máa gbà fún wákàtí kan ni mo ti ń ro ìgbà méjì yẹn mọ́ ọn, nítorí mo mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé wọ́n ń bọ̀.

Kíka wákàtí

Ibi tí wákàtí ti ń sọnù kì í ṣe nígbà tí a ń kọ ìwé owó. Ó ti sọnù láti ọjọ́ tí a ṣiṣẹ́ tí a kò kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, kọ àkókò tí o bẹ̀rẹ̀ àti àkókò tí o dáwọ́ dúró sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí o bá jókòó, pẹ̀lú ohun tí o ṣe níbẹ̀. Bí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà sì kú, kọ àkókò tó kú, kí o sì tún kọ òmíràn nígbà tó bá tàn padà. Wákàtí tí o fi dúró de iná tàbí tí o fi ń wá epo jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ti oníbàárà. Wákàtí tí o fi bá wọn sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ náà jẹ́ tiwọn, bí ẹ bá ti fẹnu kò bẹ́ẹ̀.

Mo máa ń kó ìṣẹ́jú jọ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìṣẹ́jú méje tó bá ṣẹ́kù, mo fi sílẹ̀. Bó bá di mẹ́jọ, mo sọ ọ́ di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí mú kí ìṣirò rọrùn, kò sì ṣe ojúsàájú fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí iṣẹ́ gàrí náà parí, ohun tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ ni pé ìjíròrò àti àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ gba wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 30. Lógò gba wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 15. Lébẹ́ẹ̀lì kílò kan gba wákàtí 7. Ti kílò méjì gba wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 30, nítorí pé ti àkọ́kọ́ lo fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Mímú fáìlì wà ní sẹpẹ́ fún atẹ̀wé gba wákàtí 2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 26 àti ìṣẹ́jú 15.

Ibí yìí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ wà. Wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 15 kì í ṣe 9.15. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú ló wà nínú wákàtí kan, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ìṣẹ́jú 15 jẹ́ 0.25, ìṣẹ́jú 30 jẹ́ 0.5, ìṣẹ́jú 45 sì jẹ́ 0.75. Bó o bá tẹ 3.30, 9.15, 7, 4.30 àti 2 sínú ẹ̀rọ ìṣirò, 25.75 ni yóò fún ọ, owó rẹ̀ á sì jẹ́ ₦154,500. Èyí tó tọ̀nà ni 26.25, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦157,500. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ti lọ, kò sì sí ẹni tó máa rí i, nítorí pé àpapọ̀ tí kò tọ́ náà jọ èyí tó tọ́.

Bó bá jẹ́ Excel tàbí Google Sheets lo ń lò, àṣìṣe mìíràn wà tó ń dúró dè ọ́ níbẹ̀. Ètò náà ka àkókò sí ìdá kan lára ọjọ́. Wákàtí méjìlá jẹ́ ìdajì ọjọ́, ìyẹn 0.5. Bó o bá ro gbogbo àkókò pọ̀ tó sì ju wákàtí 24 lọ, ojú ìwé lè fi 2:15 hàn ọ́ dípò 26:15, nítorí pé ó ti ju ọjọ́ kan odindi nù. Bó o bá sì fi 6000 sọ àpapọ̀ náà di púpọ̀ bó ṣe wà, 6562.5 lo máa rí. Owó tó kéré tó bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni àmì tó máa jẹ́ kó o mọ̀ pé o kò tíì sọ ọjọ́ di wákàtí. Fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀ ná, kí o tó wá fi owó wákàtí kan sọ ọ́ di púpọ̀.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lóru tún ní ìṣòro tiwa. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo mọ́kànlá alẹ́ tó o sì dáwọ́ dúró ní agogo méjì òru, àkókò ìparí kéré sí ti ìbẹ̀rẹ̀, ìyọkúrò náà á sì já sí òdì. Fọ́múlà tó wà nísàlẹ̀ yìí yanjú rẹ̀. A jẹ́ àkókò ìbẹ̀rẹ̀, B jẹ́ àkókò ìparí, C sì ni gígùn iṣẹ́. Ìlà àkọ́kọ́ ni ó lọ sínú C2, kí o sì fà á dé C20. Ìlà kejì ni àpapọ̀ wákàtí, ẹ̀kẹta ni owó rẹ̀.

```
=MOD(B2-A2,1)
=SUM(C2:C20)*24
=SUM(C2:C20)*24*6000
```

Má ṣe kó gbogbo ìlà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé owó. Màmá oní-gàrí kò nílò láti mọ̀ pé o ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 45 ní ọjọ́ kan báyìí. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni ohun tí wọ́n bẹ̀ ọ́ ṣe: lógò, lébẹ́ẹ̀lì yìí, lébẹ́ẹ̀lì yẹn. Ìlà márùn-ún tó fún iṣẹ́ bí èyí. Pa àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ mọ́ sọ́wọ́, kó lè wà nílẹ̀ bí wọ́n bá béèrè.

Kí ni a ń pè ní àtúnṣe?

Ìhà yìí ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ lé jù, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ìgbà tí o bá tún fáìlì ṣí ni o lè gba owó àtúnṣe. Nínú iṣẹ́ gàrí yìí, oríṣi nǹkan mẹ́rin ló ṣẹlẹ̀, wọn kò sì jọ ara wọn rárá.

Èkíní, ìwọ fúnra rẹ kọ "1 g" síbi tó yẹ kí "1 kg" wà. Àṣìṣe tìrẹ ni. O tún un ṣe, o tọrọ àforíjì, kò sì wọ inú ìwé owó lọ́nà kankan. Kò tiẹ̀ gbọdọ̀ jẹ ọ̀kan nínú ìgbà méjì ọ̀fẹ́ tí wọ́n ní. Mo ti rí àwọn tó ń kà á mọ́ ọn. Ohun tí kò dára ni.

Èkejì, nọ́ńbà NAFDAC kò tíì jáde nígbà tí o ń ṣe lébẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀, o sì fi àyè sílẹ̀ fún un. Nígbà tí nọ́ńbà náà dé, o fi sí àyè rẹ̀. Èyí kì í ṣe àtúnṣe. Ìparí iṣẹ́ ni. Àkókò tó gbà á wọ inú wákàtí mímú fáìlì wà ní sẹpẹ́ fún atẹ̀wé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé wọn kò sọ fún ọ pé nọ́ńbà kan ń bọ̀, tí o ti kún gbogbo àyè, tí o sì ní láti tún gbogbo ẹ̀yìn lébẹ́ẹ̀lì tò, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bi ẹnikẹ́ni tó bá ń ta oúnjẹ léèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé, "Nọ́ńbà NAFDAC ń kọ́? Ọjọ́ tí ọjà máa bàjẹ́ ń kọ́, ṣé ẹ fẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ ni àbí ẹ máa fi òǹtẹ̀ lù ú?"

Ẹ̀kẹta ni àtúnṣe gan-an. Wọ́n rí iṣẹ́ náà, kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn wọn yí padà. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní kí lẹ́tà tóbi sí i. Ìgbà kejì, wọ́n ní kí àwòrán igbá kúrò lókè kó wá sísàlẹ̀. Méjèèjì wà nínú àdéhùn. Ìgbà kẹta, àbúrò wọn wá kí wọn láti Èkó, ó ní àwọ̀ ewé kò fa ojú mọ́ra, kí a sọ ọ́ di àwọ̀ ara igi. Ìgbà kẹrin, wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà fóònù kejì àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù tuntun kún un, tó fi di pé a tún ẹ̀yìn lébẹ́ẹ̀lì méjèèjì tò. Ìgbà méjì tí a ó gbowó lé lórí nìyẹn: ₦24,000.

Ẹ̀kẹrin, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, wọ́n ní kí o bá wọn ṣe lébẹ́ẹ̀lì gíráàmù 500. Iṣẹ́ tuntun ni. Má fi sínú ìwé owó yìí bí ó ti wù kó kéré tó. Bó o bá dà á pọ̀, ìwé owó tó ti tán kò ní parí mọ́, nítorí wọ́n á ní, "Kí a kúkú san gbogbo rẹ̀ pọ̀ nígbà tí èyí náà bá tán."

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ìgbà kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀? Oníbàárà wa kì í sábà kọ àtúnṣe sílẹ̀. Ohùn ni wọ́n ń gbà sórí Wọ́sáàpù: ọ̀kan láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, òmíràn ní ọjọ́ kejì tí wọ́n bá rántí. Bó o bá ń ṣí fáìlì ní gbogbo ìgbà tí ohùn kan bá wọlé, ìwọ àti àwọn kò ní lè ka iye ìgbà náà mọ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń dúró títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu wọn. Mo wá kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ jọ sójú kan, mo fi ránṣẹ́, mo ní, "Mà, ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí?" Ìgbà tí wọ́n bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ni mo tó ṣí fáìlì. Gbogbo ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn, ìbáà jẹ́ ọ̀kan ìbáà jẹ́ mẹ́wàá, ìgbà kan ni.

Kí ìgbà kẹta tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu rẹ, ní kíkọ: "Mà, àtúnṣe méjì tó wà nínú àdéhùn wa ti pé. Èyí jẹ́ ìkẹta, ₦12,000 ni. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?" Ojú lè tì ọ́ láti kọ ọ́, pàápàá bó bá jẹ́ àgbàlagbà. Kọ ọ́. Ìbéèrè yẹn ló fún wọn láyè láti sọ pé, "Rárá, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀." Bó o bá fi ojútì ṣe é láìsọ, tó o wá gbé ₦12,000 jáde nínú ìwé owó, o ti gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ wọn. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé o gbàgbé láti sọ ọ́, má gba owó náà. Kọ ìlà rẹ̀ sínú ìwé, fi ₦0 síwájú rẹ̀, kí o sì sọ̀rọ̀ nígbà tó bá kan èyí tó tẹ̀ lé e.

Ohun tó kù níbí ni pé wákàtí tí o fi ṣe ìgbà kẹta àti ìkẹrin kò gbọdọ̀ sí nínú wákàtí 26 àti ìṣẹ́jú 15 yẹn. Owó àtúnṣe ti dúró fún wọn. Bó o bá ka wákàtí náà, tó o tún gba ₦12,000, ẹ̀ẹ̀mejì lo gba owó iṣẹ́ kan ṣoṣo. Fi àmì kan sí ìlà àtúnṣe nínú àkọsílẹ̀ rẹ kí o má baà rò wọ́n mọ́ ọn.

Ibi tí a ti ń yọ owó tó ti wọlé

Iye gbogbo iṣẹ́ jẹ́ ₦157,500 àti ₦24,000, ìyẹn ₦181,500. Ìgbà tí o bá ti kọ àpapọ̀ yìí sílẹ̀ tán ni o tó yọ ₦60,000 tí wọ́n ti san. Ó ku ₦121,500.

Àwọn kan máa ń yọ ọ́ lókè. Wọ́n á ní ₦60,000 jẹ́ wákàtí mẹ́wàá, nítorí náà wákàtí 16 àti ìṣẹ́jú 15 ló kù. Iye tó máa jáde nínú àpẹẹrẹ wa kò ní yàtọ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà kò ní rí iye gbogbo iṣẹ́ náà níbì kankan mọ́. Bí ẹ̀dínwó bá sì wọ ọ̀rọ̀ náà, iye fúnra rẹ̀ á yí. Ká ní o ṣèlérí láti yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún wọn. Ìdá mẹ́wàá lára ₦181,500 jẹ́ ₦18,150. Bó o bá kọ́kọ́ yọ owó tí wọ́n ti san, tó o wá mú ìdá mẹ́wàá lára ₦121,500, ₦12,150 ni. O ti fi ₦6,000 dù wọ́n láìmọ̀. Ẹ̀dínwó wà lórí iṣẹ́. Kò sí lórí gbèsè tó kù.

Bákan náà ni ti owó orí. Bí oníbàárà bá jẹ́ ilé iṣẹ́, wọ́n lè yọ owó orí díẹ̀ sílẹ̀ láti san fún ìjọba lórúkọ rẹ. Iye iṣẹ́ ni a fi ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe ìyókù, kí o sì béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní ti VAT, tó ti jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù Kejì ọdún 2020 ní Nàìjíríà, má ṣe fi kún ìwé owó bí o kò bá forúkọ sílẹ̀ láti máa gbà á fún ìjọba.

Nígbà tí o bá ń kọ owó tó ti wọlé, kọ ọjọ́ tó wọlé àti orúkọ tó fara hàn lórí álẹ́ẹ̀tì. Màmá lè ní kí ọmọ wọn bá wọn fi owó ránṣẹ́, tó fi jẹ́ pé orúkọ ọmọ lo rí. Bó o bá kàn kọ "₦60,000", ọmọ náà lè sọ lọ́jọ́ iwájú pé òun san òmíràn yàtọ̀ sí ti màmá òun. Iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni kó o kọ, kì í ṣe iye tó kù lẹ́yìn tí báǹkì yọ owó tirẹ̀. Kí o sì wo inú áàpù báǹkì rẹ fúnra rẹ pé owó náà wà níbẹ̀. Álẹ́ẹ̀tì ayédèrú wà, àwòrán tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ kì í sì í ṣe owó.

Bí oníbàárà rẹ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí iye wákàtí jẹ́ pọ́n-ùn ṣùgbọ́n tí àsansílẹ̀ wọlé ní náírà, yí i sí pọ́n-ùn ní ọjọ́ tó wọlé, kí o sọ iye tí o fi ṣẹ́ ẹ fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Bó o bá dúró di ọjọ́ ìwé owó kí o tó ṣẹ́ ẹ, ọ̀kan nínú yín ló máa pàdánù.

Ìwé owó náà gan-an

Lórí Wọ́sáàpù, ìlà àkọ́kọ́ àti ìkejì ni oníbàárà máa ń rí kó tó ṣí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, ìkíni kúkúrú, orúkọ iṣẹ́, iye tó kù àti ọjọ́ ni mo máa ń kó síbẹ̀. Àlàyé á wá tẹ̀ lé e. Bí o bá fi àmì ìràwọ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, bí `*Owó tó kù: ₦121,500*`, ìlà náà á dúdú ju àwọn yòókù lọ. Ìlà kan ṣoṣo ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Èyí ni bí ti màmá oní-gàrí ṣe máa rí:

> Ẹ káàárọ̀, Mà. Ìwé owó iṣẹ́ lógò àti lébẹ́ẹ̀lì gàrí yín nìyí. Ó ku ₦121,500, títí di 30/3/2026.
>
> Ìwé owó 014, ọjọ́ 23/3/2026
>
> Wákàtí iṣẹ́, ₦6,000 fún wákàtí kan
> Ìjíròrò àti àwòrán ìbẹ̀rẹ̀: wákàtí 3, ìṣẹ́jú 30 = ₦21,000
> Lógò: wákàtí 9, ìṣẹ́jú 15 = ₦55,500
> Lébẹ́ẹ̀lì kílò 1: wákàtí 7 = ₦42,000
> Lébẹ́ẹ̀lì kílò 2: wákàtí 4, ìṣẹ́jú 30 = ₦27,000
> Fáìlì fún atẹ̀wé: wákàtí 2 = ₦12,000
> Àpapọ̀: wákàtí 26, ìṣẹ́jú 15 = ₦157,500
>
> Àtúnṣe
> Ìgbà 1 àti 2, tó wà nínú àdéhùn: ₦0
> Ìgbà 3, àwọ̀ ewé di àwọ̀ ara igi (ẹ fọwọ́ sí i ní 14/3): ₦12,000
> Ìgbà 4, nọ́ńbà fóònù kejì àti àdírẹ́sì tuntun (ẹ fọwọ́ sí i ní 17/3): ₦12,000
> Àpapọ̀: ₦24,000
>
> Iye gbogbo iṣẹ́: ₦181,500
> Owó tí ẹ ti san ní 2/3/2026, láti àkáǹtì ọmọ yín: ₦60,000
> *Owó tó kù: ₦121,500*
>
> Àkáǹtì tí ẹ san ti àkọ́kọ́ sí náà ni, kò yí padà. Bí ìlà kankan kò bá yé yín, Mà, ẹ pè mí, kí a jọ wò ó. Ẹ ṣeun.

Wo ìlà àtúnṣe ìgbà 1 àti 2. Kò sí owó níbẹ̀, síbẹ̀ mo kọ ọ́. Bí mi ò bá kọ ọ́, ìlà "Ìgbà 3" á kàn dá dúró, wọ́n á sì rò pé mo fo nǹkan. Wo ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i pẹ̀lú: ọjọ́ yẹn á jẹ́ kí wọ́n lè padà sókè nínú ọ̀rọ̀ wa láti rí ìdáhùn tí àwọn fúnra wọn kọ. Ìlà àkáǹtì náà nídìí. Àwọn oníjìbìtì máa ń jí Wọ́sáàpù ènìyàn gbé, wọ́n á sì fi nọ́ńbà àkáǹtì tuntun ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Oníbàárà tó bá ti mọ̀ pé àkáǹtì mi kì í yí padà á pè mí kó tó fi owó síbòmíràn. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnìkan máa san owó fún ọ, kọ nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, orúkọ báǹkì àti orúkọ tó wà lórí àkáǹtì náà.

Mo máa ń so PDF mọ́ ọn, pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà àti iye kan náà, fún ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe fi PDF nìkan ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló wà tí wọn kì í ṣí i, tí wọ́n ń dúró kí ọmọ wọn dé láti bá wọn ṣí i.

Kí o tó fi ránṣẹ́, ro ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: owó tó kù àti owó tí wọ́n ti san gbọ́dọ̀ jẹ́ iye gbogbo iṣẹ́. ₦121,500 àti ₦60,000 jẹ́ ₦181,500. Lẹ́yìn náà, pín ₦157,500 sí ₦6,000. Bí kò bá jẹ́ 26.25, àṣìṣe wà níbì kan láàárín àwọn ìlà náà.

Lẹ́yìn tí ìwé owó ti lọ

Bí wọ́n bá ní, "Ó pọ̀ jù," má tètè dín owó. Béèrè pé, "Mà, ìlà wo ni?" Lọ́pọ̀ ìgbà, ìlà kan ṣoṣo ló ń dùn wọ́n. Bó bá jẹ́ lógò ni, fi àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ti wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 15 náà hàn wọ́n. Bó bá jẹ́ pé o rí àṣìṣe tìrẹ, tún un kọ, fi "014, àtúnkọ" sórí rẹ̀, kí o sì sọ ìlà tó yí padà fún wọn. Má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ lójú wọn.

Nígbà mìíràn, wọn kì í san gbogbo ìyókù lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní ₦70,000 wọlé ní ọjọ́ 28. Má kọ ìwé owó tuntun pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun, nítorí gbèsè méjì ni yóò jọ lójú ẹni tó bá ń wò ó. Nọ́ńbà 014 náà ni: "Ẹ ṣeun, Mà, ₦70,000 ti wọlé lónìí, 28/3/2026. Iye gbogbo iṣẹ́ ₦181,500. Ẹ ti san ₦60,000 àti ₦70,000, ó jẹ́ ₦130,000. Ó ku ₦51,500." Ìlà kan náà ni, ó kàn gùn sí i ni.

Fáìlì tó wà fún atẹ̀wé wà lọ́wọ́ mi títí ₦51,500 yóò fi wọlé, gẹ́gẹ́ bí a ti jọ sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ tó bá wọlé, mo kọ ọ́ sí wọn pé, "Ìwé owó 014 ti parí, kò ku nǹkan kan," mo so fáìlì àti rìsíìtì mọ́ ọn, mo sì wá ṣí 015 fún lébẹ́ẹ̀lì gíráàmù 500 náà.